Àtúngbìyànjú Kò Lè Wo SlowDown Sàn

Èrò kan ti ràn ká láàárín àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́: pé ibi ìpamọ́ ńlá bíi Amazon S3 kò ní òpin, pé ohunkóhun tí a bá dà sí i ni yóò gbà. Bí ó bá wá dáhùn lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n rọra, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé ìdíwọ́ ráńpẹ́ ni, kí ètò náà ṣáà tún un gbìyànjú. Bí kò bá sì gbà, kí a kọ̀wé sí Amazon pé kí wọ́n bá wa gbé òpin náà sókè. Mo lòdì sí èrò yìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ìdáhùn yẹn ń sọ fún wa pé ọ̀nà tí a gbà ń kọ nǹkan síbẹ̀ kò dára. À ń kọ ohun kéékèèké tó pọ̀ jù, lẹ́ẹ̀kan náà, sí ojú kan náà. Bí a ò bá tún ọ̀nà yẹn ṣe, kò sí iye ìgbà tí a lè gbìyànjú tí yóò mú un kúrò.

Bí ìdáhùn náà ṣe máa ń wọlé nìyí:

```
HTTP/1.1 503 Slow Down
<Error>
  <Code>SlowDown</Code>
  <Message>Please reduce your request rate.</Message>
</Error>
```

Nọ́ńbà 503 yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Gbogbo ìdáhùn tó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀ ni a ti kọ́ wa láti kà sí ẹ̀bi sáfà, nítorí náà a máa ń kó wọn pọ̀ sójú kan lórí pátákó ìṣọ́, a ó sì pe gbogbo wọn ní àṣìṣe Amazon. Àmọ́ `InternalError` yàtọ̀ sí `SlowDown`. Nínú ti àkọ́kọ́, nǹkan kan bà jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, àtúngbìyànjú sì ni oògùn rẹ̀ lóòótọ́. Nínú ti ìkejì, nǹkan kan kò bà jẹ́. Sáfà náà ń sọ pé iye ìbéèrè tí ò ń rán wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ju ohun tí ojú ibi tí ò ń rán an sí lè gbà lọ. Ẹni tó bá ka méjèèjì pọ̀ bí ẹyọ kan ti sọ ìròyìn tó wúlò jù lọ nù kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Mo mọ ibi tí èrò àìlópin yìí ti wá. Ṣáájú ọdún 2018, ìmọ̀ràn Amazon fúnra wọn ni pé bí ìbéèrè ìkọsílẹ̀ rẹ bá ń kọjá 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí o fi lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ní ètò ṣáájú orúkọ àwọn fáìlì rẹ. Ní oṣù keje ọdún 2018, wọ́n kéde pé òpin náà ti gòkè: ó kéré tán, ìkọsílẹ̀ 3,500 àti ìkàjáde 5,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan, àti pé ẹ kò nílò láti da orúkọ rú mọ́. Ìlọsíwájú tó tóbi ni, mi ò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tí mo bu ẹnu àtẹ́ lù ni bí àwọn ènìyàn ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ "ẹ má ṣe ronú nípa orúkọ mọ́," wọ́n sì gbàgbé nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e.

Nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀ tó yẹ ká lóye dáadáa. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì S3 kò ní fódà. Orúkọ gígùn kan ṣoṣo ni fáìlì kọ̀ọ̀kan ní, àmì `/` tó wà láàárín rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí lẹ́tà yòókù. Àtòjọ orúkọ wọ̀nyí, láti A dé Z, ni Amazon ń pín sí ọ̀nà, tí ìpín kọ̀ọ̀kan sì ń gbé apá kan nínú àtòjọ náà. Ìpín ni ó ní 3,500, kì í ṣe fódà tí ojú rẹ rí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní ìpín púpọ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ lórí apá kan tó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, Amazon á pín apá náà sí méjì, á tún un pín, títí yóò fi gbà á. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì sọ ọ́ nínú ìwé wọn pé SlowDown lè máa wọlé ní gbogbo àkókò tí ìpín náà bá ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ "kò lópin" yìí jẹ́ òtítọ́ fún ẹrù tó ń dàgbà pẹ̀lú sùúrù. Kì í ṣe òtítọ́ fún ẹrù tó ya wọlé lójijì tó sì tún pòórá.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká sì ṣírò rẹ̀ délẹ̀. Ká sọ pé iléeṣẹ́ kan ní mítà iná 240,000 tó ń fi ìṣirò ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣirò kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kílóbáìtì kan, ètò tó ń gbà á sì ń kọ ọ́ sí S3 gẹ́gẹ́ bí fáìlì kan fúnra rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ báyìí:

```
mita/2025/06/14/09/15/0048213.json
```

Bí o bá pín 240,000 sí ìṣẹ́jú àáyá 900 tó wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nǹkan bíi 267 ni yóò bọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnikẹ́ni tó bá wo 267 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 3,500 yóò sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n aago gbogbo mítà náà bára mu. Ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo wọn sọ̀rọ̀ papọ̀, ìṣirò náà sì wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìyẹn jẹ́ 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ sábẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ kan náà, `mita/2025/06/14/09/15/`. Ká tilẹ̀ gbà pé ìpín náà gba 3,500 géérégé, 4,500 ni yóò padà ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́.

Níbí ni àwọn tó gbà gbọ́ nínú àtúngbìyànjú ti ń sọ pé kò burú, 4,500 yẹn á padà wá. Wọ́n á padà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá dé, 8,000 tuntun ti wà lójú ọ̀nà. Ní ìṣẹ́jú àáyá kejì, 12,500 ló ń kan ilẹ̀kùn; ní ìkẹta, 17,000. Nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá 30 bá pé, 105,000 péré ló ti wọlé, 135,000 ṣì wà níta. Ká ní gbogbo wọn mọ bí a ti ń dúró ní ìlà, ó ṣì máa gba bíi ìṣẹ́jú àáyá 39 sí i kí wọ́n tó tán. Àmọ́ wọn kì í dúró. Ọ̀nà tí Amazon pè ní `standard` fún àtúngbìyànjú máa ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ó sì sábà máa ń lo gbogbo rẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò sọ fún ètò rẹ pé kò ṣeé ṣe. Bí ètò rẹ náà bá ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tirẹ̀, tí ìlà iṣẹ́ tún ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìyẹn, ìṣirò mítà kan ṣoṣo lè di ìbéèrè 27. Àtúngbìyànjú kò yọ ẹyọ ìbéèrè kan kúrò nínú ẹrù yìí. Ńṣe ló ń fi kún un ní àkókò tí ẹrù wúwo jù lọ.

Mo fẹ́ kí ó yé yín pé èmi kì í ṣe ọ̀tá àtúngbìyànjú. Ètò tí kò ní i kò pé. Mo sì gbà pé bí a bá ń fi àkókò ìdúró gùn sí i lẹ́yìn ìkùnà kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń ṣẹ́ gègé lórí àkókò náà kí gbogbo ènìyàn má baà padà wá lẹ́ẹ̀kan náà, ó dára púpọ̀ ju kí a kàn máa kan ilẹ̀kùn léraléra. Ọ̀nà `adaptive` tún wà, tó ń dín ìyára ètò rẹ fúnra rẹ̀ kù nígbà tí SlowDown bá pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ wọn ni láti gba ìjàǹbá ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ra. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ ètò tó ń kọjá òpin lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́, ti fi gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ sí ohun tí kò lè gbé e.

Ẹgbẹ́ kejì wà tí kò fara mọ́ àtúngbìyànjú, ṣùgbọ́n tí ó gbà pé orúkọ nìkan ni ìṣòro. Wọ́n ní kí a pín in sí fódà mẹ́wàá, kí a sì ní 35,000 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo orúkọ tí mo kọ sókè yẹn. Ọjọ́ ló wà níwájú. Bí Amazon tilẹ̀ rí ẹrù òní tó sì pín `mita/2025/06/14/` sí ọ̀nà mẹ́wàá, lọ́la gbogbo orúkọ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí `mita/2025/06/15/`, lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n pín, iṣẹ́ àná kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Fífi fódà kún un lẹ́yìn ọjọ́ kò yí èyí padà. Ohun tó lè ṣiṣẹ́ ni kí ohun tó ń pín ẹrù wà ṣáájú ọjọ́, kó sì jẹ́ ohun tí kì í yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́:

```
mita/b7/2025-06-14/09-15/0048213.json
```

`b7` yẹn ni àmì méjì àkọ́kọ́ nínú háàṣì nọ́ńbà mítà. Ìbẹ̀rẹ̀ 256 ló wà báyìí, wọn kò sì yí padà lọ́la, nítorí náà ìpín tí Amazon bá ṣe yóò dúró. Orúkọ báyìí dára, mo sì máa ń gbà á nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ó ní iye tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni: ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo ìṣirò ọjọ́ kan yóò béèrè lójú ọ̀nà 256 dípò ẹyọ kan. Ó sì tún kù síbì kan, nítorí pé ẹrù tó ń wá fún ìṣẹ́jú àáyá 30 tó sì ń lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ààbọ̀ kò jọ ẹrù tó ń bá a lọ. Kò sí ìdí láti gbọ́kàn lé e pé Amazon yóò pín ohun tí kò dúró lójú rẹ̀.

Ìdí gan-an tí mo fi ń jà ni pé àwọn méjèèjì, ti àtúngbìyànjú àti ti orúkọ, gba ìkọsílẹ̀ 240,000 náà bí ohun tí kò ṣeé yí padà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo ìṣirò inú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà kò ju mẹ́gábáìtì 240 lọ. S3 kò bẹ̀rù mẹ́gábáìtì 240. Fáìlì kan ṣoṣo níbẹ̀ lè tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Iye ìbéèrè ló ń kà, kò ka ìwọ̀n. Àgbẹ̀ tó ń kó iṣu láti Ṣakí lọ sí Èkó kì í gba ọkọ̀ kan fún iṣu kan, kó wá máa bínú pé ojú ọ̀nà dí.

Ẹ jẹ́ kí ètò tó ń gba ìṣirò kó wọn jọ kó tó kọ wọ́n. Ká ní olùgbà 20 ló wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kó ohun tó bá gbà jọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó kọ ọ́ sí fáìlì kan. Àní bí wọ́n bá ń kọ ọ́ láìsinmi, fáìlì 1,800 ni gbogbo wọn yóò kọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbéèrè 8,000 ti di méjì. Kò sí háàṣì, kò sí ìwé sí Amazon, SlowDown sì ti di ohun ìtàn.

Owó náà wà níbẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń ṣàròyé nípa SlowDown kì í ti wo ìwé owó wọn. Ní ìhà `us-east-1`, ìkọsílẹ̀ 1,000 sí ìpamọ́ S3 Standard jẹ́ ìdajì sẹ́ǹtì dọ́là kan. Fáìlì kan fún ìṣirò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìkọsílẹ̀ 23,040,000 lójúmọ́, ìyẹn dọ́là 115 àti sẹ́ǹtì 20. Pẹ̀lú ìkójọ, ìkọsílẹ̀ 172,800 ni, kò sì tó dọ́là kan. Ẹni tó bá wá fẹ́ ka àwọn fáìlì kéékèèké náà tún máa pàdé ìyà tirẹ̀, nítorí pé orúkọ 1,000 péré ni S3 ń kà jáde fún ìbéèrè àtòjọ kan, èyí tó túmọ̀ sí ìbéèrè àtòjọ 240 fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan kí a tó ṣí fáìlì àkọ́kọ́.

Àtakò tó lágbára jù lọ tí mo ti gbọ́ sí ìkójọ ni ti ìpàdánù. Wọ́n ní bí olùgbà kan bá kú nígbà tí ìṣirò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá wà nínú mẹ́mórì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Òótọ́ ni, ẹni tó bá kó nǹkan jọ sínú mẹ́mórì nìkan tó sì sọ fún mítà pé "mo ti gbà á" ti purọ́ fún un. Ọ̀nà méjì ló wà. Ìkíní, kí olùgbà má ṣe dá mítà lóhùn títí fáìlì ìkójọ yóò fi wọ S3. Mítà tí kò bá gbọ́ ìdáhùn yóò tún un rán. Ìkejì, kí ìṣirò kọ́kọ́ wọ ìlà tó ń kọ nǹkan sórí dísíìkì, bíi Kafka, kí ẹlòmíràn sì máa kó o jọ láti ibẹ̀. Ẹ tún fi èyí wé ohun tí a ní tẹ́lẹ̀: nínú ètò fáìlì kéékèèké, ìṣirò tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ń ṣègbé láìsí ìkìlọ̀, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó ń bẹ̀rù ìpàdánù ti ń pàdánù tẹ́lẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn nílò ìṣirò mítà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. S3 gbà kí a ka apá kan nínú fáìlì nípa sísọ báìtì tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àtọ́ka kékeré kan tó sọ pé mítà 0048213 wà nínú fáìlì yìí, láti báìtì yìí dé ìyẹn, ti tó.

Bí a kò bá lè fọwọ́ kan ètò olùgbà, a ṣì lè dín ẹrù kù láti orísun. Àkókò tí a ka mítà àti àkókò tí a fi ìṣirò ránṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Kí mítà ka ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé, kó kọ àkókò yẹn sínú ìṣirò, kó wá dúró fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí nọ́ńbà rẹ̀ fún un kó tó rán an:

```
idaduro = hash(nomba_mita) mod 900
```

8,000 yóò padà di 267. Èyí kò dín owó kù, ó sì ṣòro láti yí ètò inú mítà tó ti wà lára ògiri ilé padà, ìdí nìyẹn tí mo fi fi í sí ipò kejì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀ràn Amazon nìkan ni. Google Cloud Storage sọ ní gbangba pé bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi ìkọsílẹ̀ 1,000 àti ìkàjáde 5,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pé kí a má ṣe sọ ìyára di ìlọ́po méjì láàárín ohun tí kò tó 20 ìṣẹ́jú, àti pé orúkọ tó ń tẹ̀ lé ara wọn, bí ọjọ́ àti wákàtí, ń kó ẹrù sí ojú kan. Àwọn méjèèjì ń sọ ohun kan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn tirẹ̀ nìyí, kó má wo ìṣirò wákàtí. Ìwé àkọsílẹ̀ ìbéèrè tí S3 ń kọ fún bọ́kẹ́ẹ̀tì ní àkókò dé ìṣẹ́jú àáyá, orúkọ fáìlì àti orúkọ àṣìṣe. Amazon kò ṣèlérí pé gbogbo ìlà rẹ̀ yóò pé, ó sì máa ń pẹ́ dé, ṣùgbọ́n ó tó fún iṣẹ́ yìí. Yọ àwọn ìlà tó ní `SlowDown` jáde, kà wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kí o sì gé orúkọ wọn kù sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dúró gbọnrangandan bí òpó ní agogo kan náà lábẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ kan náà, tí ilẹ̀ sì ṣófo láàárín òpó méjì, kò sí ìdí láti kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Ohun kan kù nípa àwọn fáìlì kéékèèké tí a ti kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, wọ́n ti lé ní bílíọ̀nù méjì. Pípa nǹkan rẹ́ náà wà nínú 3,500 yẹn, àní bí a bá kó orúkọ 1,000 sínú ìbéèrè ìparẹ́ kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a ń kà. Bí gbogbo wọn bá wà lórí ìpín kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọjọ́ méje kí ètò tiwa tó lè pa wọ́n rẹ́ tán, ìkọsílẹ̀ tuntun kò sì ní rí àyè láàárín ọjọ́ méje náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ètò ìparẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkójọ láti òní lọ, ẹ fi òfin ọjọ́ orí sí orí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kí Amazon fúnra wọn máa yọ àwọn àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì ka kìkì àwọn tí ẹ ṣì nílò jáde, díẹ̀díẹ̀, ní àkókò tí mítà kò sọ̀rọ̀, láti fi wọ́n ṣe fáìlì ńlá.